Ìwé Àyẹ̀wò Màmá Mi: Ìdí Tí Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù Fi Ń Gòkè Lẹ́yìn Tí Nǹkan Oṣù Bá Dúró

Nígbà tí màmá mi gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ́kọ́ fèsì: "Láàbù ló ṣàṣìṣe. Ìwọ tó o tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, níbo lo ti rí ọ̀rá?"

Ẹ̀yin tí a jọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ á ti rí ibi tí wàhálà wà. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ la máa ń pe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ náà á sì ti gbé ọkàn wa lọ sí ikùn àti ìbàdí kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè ní in lápọ̀jù, nítorí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ẹni ọdún 49, nígbà tí nǹkan oṣù wọn ṣì ń wá. Nígbà náà, àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ 198, HDL 56, tiráígílísẹ́ráìdì 90. Láti mọ LDL, èyí tó ń fa ìdíwọ́ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ láàbù máa ń ṣírò báyìí ní òṣùwọ̀n mg/dL:

```
LDL = àpapọ̀ − HDL − (tiráígílísẹ́ráìdì ÷ 5)
198 − 56 − 18 = 124
228 − 55 − 21 = 152
```

Ìlà tó kẹ́yìn ni ti ẹni ọdún 52, ó lé díẹ̀ ní ọdún kan tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. HDL fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹsẹ̀. LDL nìkan ló fò sókè. Oúnjẹ wọn kò yí padà, aṣọ wọn àtijọ́ ṣì ń bá wọn mu.

Ohun tó yí padà ni ẹ́sítírójìn. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, inú ẹrù kéékèèké ni wọ́n máa ń dì í sí, LDL sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ara kò bá lò gbọ́dọ̀ padà sí ẹ̀dọ̀. Àwọn ohun kan wà lára ẹ̀dọ̀ bí ọwọ́, tí ń gbá LDL mú bó ṣe ń kọjá. Ẹ́sítírójìn ló ń mú kí ọwọ́ wọ̀nyí pọ̀. Nígbà tí ilé ẹyin bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ọwọ́ á dín kù, LDL á máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lá sì máa wọ ara ògiri iṣan. Ìwádìí SWAN ní Amẹ́ríkà, tó tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé ní àárín ọdún kan ṣáájú àti ọdún kan lẹ́yìn nǹkan oṣù ìkẹyìn ni LDL máa ń fò jù. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan, nítorí náà.

Kò sí ìnira tí èèyàn á fi mọ̀. Ooru tó ń bo ara lóru kò lè sọ iye tí LDL jẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́, ó sì dára kí obìnrin tún un ṣe ní àsìkò tí nǹkan oṣù bá ń ṣe ségesège, kó sì tọ́jú ìwé ti tẹ́lẹ̀. Dókítà màmá mi tún ní kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì tó wà ní ọrùn wò, torí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, LDL máa ń gòkè bákan náà, ó sì máa ń mú àárẹ̀ tí a lè rò pé ti nǹkan oṣù ni. Tiwọn dáa.

Ilé ìdáná wá kù. Irú ọ̀rá tó máa ń dì nínú òtútù ló tún ń dín ọwọ́ ẹ̀dọ̀ kù, ó sì tó nǹkan bí ìdajì epo pupa. (Ẹ má sọ fún ìyá àgbà mi pé èmi ni mo kọ èyí.) Màmá mi kò jáwọ́ nínú epo. Ṣíbí ìsebẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò dípò mẹ́rin, wọ́n ń lo òróró ẹ̀pà fún dídín, wọ́n ń gé ọ̀rá kúrò lára ẹran, wọ́n sì ń jẹ ẹ̀wà tàbí gbẹ̀gìrì lójoojúmọ́, torí okun inú ẹ̀wà máa ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bá ìgbẹ́ jáde. Wọ́n tún ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, LDL di 139.

Kò padà sí 124, n kò sì rò pé oúnjẹ lè dá a padà síbẹ̀, torí ẹ́sítírójìn kò padà. Ìfúnpá wọn dáa, wọn kò ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn kì í mu sìgá, kò sì sí àrùn ọkàn nínú ẹbí, nítorí náà dókítà ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Fún obìnrin tó ní ọ̀kan nínú wọ̀nyí, 139 yẹn lè tó láti bẹ̀rẹ̀ sítátìn, oògùn tó ń mú kí ọwọ́ ẹ̀dọ̀ tún pọ̀. Ìwọ̀n àárín rẹ̀ máa ń dín LDL kù ní ìdá 30 sí 49 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí iṣan ara bá ń dun ẹni tó ń lò ó, dókítà lè yí i padà. Èyí tó léwu ni kí a dá a dúró fúnra wa torí pé nọ́ńbà ti wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi béèrè pé ṣé wọn ò kàn lè gbé ẹ́sítírójìn náà mì. Ó ń dín LDL kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí WHI tó jáde ní 2002 rí i pé àwọn tó lò ó pẹ̀lú pírójẹ́sítínì ní rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àwọn dókítà ṣì ń kọ ọ́ fún ooru ara tó le, kì í ṣe nítorí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n wọn, ẹni ọdún 57, ti lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ń retí èsì.