Ìní-àṣẹ́kù, Ìyáradowó àti Ìdógò: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Òǹtajà tí ó Fẹ́ Yáwó

Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni báǹkì máa ń bi òǹtajà tí ó fẹ́ yáwó. Bí olùtumọ̀ bá fi ‘dúkìá’ nìkan túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdáhùn kan náà ni òǹtajà yóò fún wọn, báǹkì yóò sì dá ìwé rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tí ó ń ta epo pupa, tí ó sì ní ẹ̀rọ ìlọta ní Ùsì-Èkìtì, ṣe àpẹẹrẹ.

Owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦50,000, epo inú ṣọ́ọ̀bù ₦600,000, àwìn tí àwọn oníbàárà kò tíì san ₦150,000, ẹ̀rọ ₦400,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Ó jẹ gbèsè ₦500,000. Ohun tí ó ṣẹ́kù, ₦700,000, ni a pè ní ìní-àṣẹ́kù. Kì í ṣe owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò, kì í sì í ṣe èrè. Bí epo bá wọ́n lulẹ̀, òun ni yóò dín kù, nítorí gbèsè kì í bá ọjà rẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ₦300,000 nínú gbèsè náà jẹ́ ti ẹni tí ó ń kó epo wá fún un ní àwìn, ó sì gbọ́dọ̀ san án kí oṣù tó parí. ₦50,000 nìkan ni ó wà nílẹ̀. Àwìn ń dúró de oníbàárà, epo ń dúró de ọjọ́ ọjà, ẹ̀rọ ń dúró de ẹni tí yóò rà á. Ìyáradowó ni bí ohun ìní ṣe lè tètè di owó láìpàdánù. A kò lo ‘ìyádowó’, kí a má baà ṣì í mú fún yíyáwó. Ìbéèrè tí a ó bi í ni pé: ‘Màmá, bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó lọ́la, èwo ni ẹ lè tà láìpàdánù?’

Ìdógò kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó fi oko kòkó yáwó a máa fi í sílẹ̀ kí olówó máa kórè rẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Ti báǹkì yàtọ̀: ẹni tí ó yáwó ń lo ohun náà lọ, àfi bí kò bá san ni báǹkì yóò gbà á tà. Ènìyàn sì ni onídùúró, ohun ìní ni ìdógò. Ilẹ̀ ẹbí kò rọrùn láti fi dógò: ó nílò ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí, àti ìyọ̀ǹda ìjọba lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2017 gbà kí a fi ohun tí ó ṣeé gbé kiri, bí ẹ̀rọ, dógò, kí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ayánilówó mìíràn lè mọ̀ pé ó ti wà ní ìdógò. Iye tí ẹ̀rọ yóò mú wá bí a bá tà á kíákíá ni báǹkì ń wò. Bí ó bá jẹ́ ₦250,000, ìyẹn ni yóò kà.

Nítorí náà, ẹ̀rọ yìí kan náà jẹ́ ₦400,000 nígbà tí a ń ṣírò ìní-àṣẹ́kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mọ́ nǹkan ní ti ìyáradowó, ó sì jẹ́ ₦250,000 ní ìdógò. Òǹtajà tí ó bá lè sọ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lóye ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.