La Ẹnu Rẹ Kí N Wò Ó

Àjàní, wá síbi fèrèsé yìí kó o la ẹnu. O ní egbò kékeré ni. Ta ló bi ọ́ bó ṣe tóbi tó? Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni mo bi ọ́. O ti ń fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi ìkómọ ọmọ Bísí, ọmọ yẹn sì ti ń rẹ́rìn-ín síni báyìí. Ọkọ mi, ìyẹn ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dáadáa!

Egbò ẹnu tó ń ṣe gbogbo wa, tí kì í fẹ́ kí ata kàn án, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tó fi ń jinná. Àárín rẹ̀ á funfun, etí rẹ̀ á pọ́n, á sì rọ̀. Tìrẹ ńkọ́? O ní kì í tiẹ̀ dùn ọ́, bí ẹni pé ìròyìn ayọ̀ lo mú wá. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn! Jẹjẹrẹ ẹnu kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Yọ ahọ́n jáde, kí n fi aṣọ mímọ́ yìí dì í mú. Wò ó, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n gan-an ló wà, ibi tí jẹjẹrẹ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Etí rẹ̀ ga, ó sì le lọ́wọ́ bí èkùrọ́.

O ní eyín tó kán ló ń gé ọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà eyín á ha ẹnu eyín náà kó má mú mọ́, bó bá sì jẹ́ òun ló fà á, egbò náà á jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá jinná, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti eyín. Ṣùgbọ́n bó ṣe le yìí, wọ́n lè máà dúró rárá. Wọ́n á fún ọ lábẹ́rẹ́ tí yóò mú ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á gé ẹran bíńtín létí egbò náà, wọ́n á sì lọ fi maikirosikóòpù wò ó. Ìyẹn ló ń sọ òótọ́. Ojú lásán kò tó. Ta ló purọ́ fún ọ pé bí wọ́n bá gé e, ńṣe ló máa tàn ká? Ìlọ́ra ló ń jẹ́ kó tàn.

Sìgá rẹ àti ọgógóró rẹ náà ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ewu tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá pàdé lẹ́nu kan náà, ewu náà ń pọ̀ sí i gidigidi. Ẹni tí kò fẹnu kan èyíkéyìí náà lè ní in o, má lọ rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ló ń mú.

Jẹ́ kí n tẹ ọrùn rẹ wò. Kò sí kókó níbẹ̀, ọpẹ́ ni. Bí kókó bá so síbẹ̀ tí kò lọ, tí eyín ń mì láìnídìí, tí ètè ń kú, tàbí tí etí ń ro ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí egbò wà, kò sí pé à ń ka ọ̀sẹ̀ mọ́.

Kápúsù tó ò ń tú dà sórí rẹ̀, kó o jù ú nù. Kò lè wo irú èyí sàn. Lọ́la, ọkọ̀ àkọ́kọ́ la máa wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka eyín. Màá tẹ̀lé ọ, torí mo mọ̀ pé bó bá ku ìwọ nìkan, ìdí ayò lo máa yà sí.