Afẹ́fẹ́ ló yẹ kí ẹni tó ń gbé sólà gun òrùlé bẹ̀rù

Ní ìsinmi tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná mú mi dání lọ sí Simawa, kí a lọ gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́fà gun òrùlé ilé kan. Páńẹ́ẹ̀lì 400W kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 22. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé páànù yìí á lè gbé e?" Ó ní, "Ìwúwo kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ ni."

Nígbà tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Páńẹ́ẹ̀lì kan gùn ní mítà 1.7, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.1. Bí ìjì tó ń sáré kìlómítà 108 láàárín wákàtí kan bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó lè fà á sókè bí ẹni ń fa ẹrù kílò 100, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rẹ̀. Etí òrùlé ni ìjì ti ń le jù, nítorí náà a kò jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì kankan sún mọ́ ibẹ̀.

Ìyá onílé fẹ́ kí a parí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òkè àjà la kọ́kọ́ gùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹnu súkúrúdíráfà gún igi ìdábùú tí wọ́n kan páànù mọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tó le kì í jẹ́ kí irin wọlé. Níbi tí òjò ti ń jò, irin wọ igi méjì bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè, ikán ti jẹ inú wọn tán. Iṣẹ́ dúró. Ọjọ́ kejì ni káfíńtà pààrọ̀ wọn. Ìyá bínú díẹ̀, wọ́n ní àwa la fa ìnáwó.

Láti orí òrùlé, ìlà ìṣó ló ń fi ibi tí igi wà hàn, orí ìlà náà la sì ń tẹ̀ bí a bá ń rìn. Orí ibi tó yọ sókè lára páànù la ti lu ihò, torí inú kòtò rẹ̀ ni omi òjò ń gbà. Súkúrúù onírọ́bà gbọ́dọ̀ wọ inú igi dáadáa. Bó bá ń yí lọ́wọ́ ẹni tí kò sì fún, páànù lásán ló dì mú. A fi ẹsẹ̀ 14 gbé irin tí páńẹ́ẹ̀lì jókòó lé, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì pín nǹkan bíi kílò 45 nínú agbára ìjì yẹn.

Ti wáyà ló kù. A kò jẹ́ kó sùn sórí páànù, torí etí páànù mú, ooru rẹ̀ sì ń ba ara wáyà jẹ́. A dè é mọ́ abẹ́ irin, a sì fi páìpù bò ó níbi tó ti wọlé. Kó tó wọlé, a jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè, kí omi lè kán síta. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí a so tẹ̀lé ara wọn ń mú nǹkan bíi 220V wá níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà, bí a tilẹ̀ pa ínfátà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó so wáyà ìkẹyìn.