Ohun tí a pa rẹ́, ohun tí a bò

"Mo ti pa ẹ̀yìn ẹ̀ rẹ́." Bí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe bá sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, ó yẹ kí oníbàárà bi í pé irinṣẹ́ wo ló lò. Bó bá jẹ́ Eraser ló fi nu ògiri tó wà lẹ́yìn ìyàwó kúrò, òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ Layer Mask ló lò, kò pa ohunkóhun rẹ́: ó bò ó ni. Gbèsè tí a pa rẹ́ kò sí mọ́. Ọbẹ̀ tí a bò ṣì wà nínú ìkòkò.

Ẹ wo fọ́tò ìyàwó kan tó wé gèlè aṣọ òkè, tí wọ́n fẹ́ kó dà bíi pé inú ọgbà ló dúró sí. Atúnfọ́tòṣe tó mọṣẹ́ á gbé àwòrán ọgbà sí ìpele ìsàlẹ̀, á gbé ti ìyàwó lé e lórí. (Léyà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ìpele náà dára, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ṣi ohùn pè, kó sọ ọ́ di ìpèlé tí ìyàwó gbé lé èjìká.) Lẹ́yìn náà, á yan ìyàwó nínú Select and Mask, á sì ní kí iṣẹ́ náà jáde sí Layer Mask.

Níbi tí ìbòjú yìí bá ti dúdú, ògiri á fara pamọ́. Níbi tó bá ti funfun, ìyàwó á hàn. Nítorí náà, búrọ́ọ̀ṣì dúdú ń bò, funfun ń ṣí. Bí ṣóńṣó gèlè bá bá ògiri lọ, kò ju kí wọ́n fi funfun kùn ún lọ, ó ti yọjú. Ẹni tó lo Eraser ní láti máa fi Ctrl+Z padà sẹ́yìn. Àádọ́ta ìgbésẹ̀ péré ni Fótóṣọ́ọ̀pù sì ń rántí bí a kò bá yí ètò rẹ̀, bí a bá sì ti pa fáìlì dé, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Pańpẹ́ kan wà níbẹ̀. Àwọ̀ ògiri máa ń lẹ̀ mọ́ etí gèlè, Decontaminate Colors sì ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ó ń fi àwọ̀ mìíràn rọ́pò àwọ̀ etí náà gan-an, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbà kí iṣẹ́ jáde sí ìbòjú lásán. Ìpele tuntun ló ń ṣe. Ìpele àtijọ́ á wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìpamọ́. Kí wọ́n má sọ ọ́ nù.

Yí padà àti dá padà ni ọ̀rọ̀ kejì tó ń da ilé iṣẹ́ rú. Oníbàárà á ní "ẹ yí i padà", nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Adjustment layer ló mú kí dídá padà rọrùn. Bí iná ilé bá ti mú kí awọ ìyàwó ní àwọ̀ ewé, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì pọ́n nínú ọgbà, wọ́n á gbé Color Balance lé ìyàwó lórí. Ìtọ́ni lásán ló wà nínú ìpele yẹn. Ó ń yí bí àwọ̀ ṣe ń hàn padà, kò kan àwọ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n di ojú rẹ̀, àwọ̀ ti padà. Àmọ́ gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ló máa kàn, tó fi mọ́ ọgbà, àyàfi bí wọ́n bá di Alt mú, tí wọ́n sì tẹ ìlà tó wà láàárín rẹ̀ àti ìpele ìyàwó láti so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá Smart Object mu jù ni dì. Bí wọ́n bá sún ìyàwó kì láti píkísẹ́lì 4000 sí 400 lórí ìpele lásán, tí wọ́n tún wá fẹ̀ ẹ́, á di bàìbàì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti dì í pẹ̀lú Convert to Smart Object ṣáájú, píkísẹ́lì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ẹrù náà. Ohun tí a dì kò ṣeé kùn lójú ẹsẹ̀, ṣá: bí wọ́n bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sí i, Fótóṣọ́ọ̀pù á béèrè bóyá kóun tú u, ọ̀pọ̀ sì máa ń tẹ OK láìkà á. Ìpele òfìfo tuntun ni kí wọ́n ṣí lókè rẹ̀, kí wọ́n yan Current & Below fún Clone Stamp, kí wọ́n máa kùn níbẹ̀.

Bí wọ́n bá wá fi JPEG pamọ́, gbogbo ìpele á yọ́ pọ̀ di ọ̀kan. JPEG ni kí oníbàárà gbà lọ. PSD ni kí ilé iṣẹ́ fi pamọ́, nítorí òun nìkan ló lè dáhùn nígbà tí ìyá ìyàwó bá ní kí wọ́n dá ògiri òun padà.