Ẹ Pe Bàbá Akápò Kí Ẹ Tó Fi Ímeèlì Náà Ránṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo gbé ìwé rìsíìtì wa ti oṣù kẹsàn-án ti sítéètìmẹ́ǹtì báǹkì, mo rí i pé ₦640,000 la gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ₦490,000 ló wọ báǹkì. Akápò wa ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo ti kọ ímeèlì sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì fi alága, àwọn ayẹ̀wéwò méjèèjì àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù sí Cc. Láti ìjẹta ni ọwọ́ mi ò ti lè tẹ Send. Ṣé kí n fi í ránṣẹ́ ni, àbí kí n kọ́kọ́ pè wọ́n?

Akọ̀wé tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, Ìsẹ́yìn.

*

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má fi í ránṣẹ́. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pa gbogbo orúkọ tó wà ní To àti Cc rẹ́, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì kan Send. Lẹ́yìn náà, ẹ pe Bàbá.

Mo ka àkọsílẹ̀ ímeèlì náà tí ẹ fi mọ́ lẹ́tà yín. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò rí ọ̀rọ̀ àfojúdi kankan. Gbólóhùn mẹ́ta ni kí ẹ bá mi wò. Ẹ kọ pé rìsíìtì oṣù kẹsàn-án jẹ́ ₦640,000. Ìwé rìsíìtì jẹ́rìí sí i. Ẹ kọ pé ₦490,000 ló wọ báǹkì. Sítéètìmẹ́ǹtì jẹ́rìí sí i. Ẹ wá kọ pé, "Ó jọ pé ₦150,000 tó kù ti gba ibi tí kò yẹ." Ta ló jẹ́rìí sí ìyẹn? Kò sẹ́ni kankan. Ohun tí ẹ rò lọ́kàn ni. Bàbá nìkan ló mọ ibi tí owó náà wà, ẹ ò sì tíì bi wọ́n. Nígbàkigbà tí ẹ bá kọ lẹ́tà, tí gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí nìkan ló mọ òótọ́ ibẹ̀, tí gbólóhùn náà sì lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ẹ dá ọwọ́ dúró, kí ẹ fi ẹnu béèrè.

Ìdáhùn tí Bàbá lè ní kò kéré. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni oṣù kẹsàn-án ní, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọjọ́ Òmìnira, tí báǹkì kì í ṣí. Bí òpin oṣù bá tún bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, owó tí ẹ ti já rìsíìtì fún lè sùn sí ọwọ́ akápò fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ báǹkì, inú sítéètìmẹ́ǹtì oṣù kẹwàá la ó sì ti rí i. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi owó ránṣẹ́ lọ́dọ̀ oní POS, tí kò sì wọlé. Ó lè jẹ́ pé alága ní kí wọ́n yá ọmọ ẹgbẹ́ kan lówó òwú ní pàjáwìrì, tí ìwé rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ yín. Ó sì lè jẹ́ pé Bàbá ná an ní tòótọ́. Ìpè kan ló máa jẹ́ kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń bá jà. Ẹ kọ́kọ́ gba sítéètìmẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá ná; bí ₦150,000 bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé: ta ló ń ṣí ímeèlì Bàbá? Ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí, ní Òkehò, ọ̀pọ̀ àgbà ló jẹ́ pé ọmọ wọn ló bá wọn ṣí ímeèlì nítorí ọ̀rọ̀ báǹkì, ọmọ náà ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, òun náà ló sì ń ka lẹ́tà fún wọn. Ẹlòmíì a ní kí ọmọ kọ̀ǹpútà ìta bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ kà pé bàbá òun kó owó ẹgbẹ́ jẹ, kí Bàbá fúnra wọn tó gbọ́.

Ní ti Cc, ibẹ̀ ni ewu yín pọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí ẹnì kan nípa ara rẹ̀ wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹlòmíì bá kà á, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ó ti di ìbanilórúkọjẹ́ tí wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́ sí. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì gbà kí wọ́n gbé ohun tí a tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà wá síwájú adájọ́, bí ó bá ti bá ìlànà abala náà mu. Ẹ má sì gbọ́kàn lé Undo Send inú Gmail: ìṣẹ́jú àáyá 30 ló pọ̀ jù tó lè fún yín.

Kí ẹ tó pè, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé rìsíìtì àti sítéètìmẹ́ǹtì, kí ẹ fi pa mọ́. Ìpè ń ta ẹni tó jẹ̀bi lólobó, ìwé a sì máa sọnù. Ẹ má pè wọ́n nígbà tí wọ́n wà nídìí òfì láàárín àwọn ọmọṣẹ́, nítorí inú sípíkà ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń gbọ́ fóònù. Ẹ kọ tẹ́ẹ̀sì ráńpẹ́ ṣáájú: "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo fẹ́ pè yín lẹ́yìn ìrun alẹ́ lórí ìwé oṣù kẹsàn-án." Kò gbọdọ̀ sí iye owó nínú rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹ dúró kí ẹ tún pè. Ọ̀rọ̀ owó tó já sí àárín burú ju èyí tí a kò sọ lọ.

Bí wọ́n bá ti gbé e, tí ẹ ti kí wọn dáadáa, ẹ bi wọ́n bóyá àwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Kí ẹ wá sọ pé: "Bàbá, rìsíìtì wa jẹ́ ₦640,000, ₦490,000 ni mo rí ní báǹkì. Mi ò rí ibi tí ₦150,000 wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀." Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má bá wọn wá ìdáhùn.

Ìpè nìkan kò tó o, ọ̀la ẹnikẹ́ni lè sọ pé ẹ ò bi òun. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa kọ ohun tí ẹ jọ sọ, kí ẹ sì fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí Bàbá nìkan: iye méjèèjì, ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tí tẹ́là tàbí ìwé yíyá náà yóò dé ọwọ́ yín.

Bí ẹ bá pè fún ọjọ́ méjì tí wọn ò gbé e, tàbí wọ́n fi ìbínú pa á, tàbí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá láìsí ìwé, nígbà náà ni ímeèlì kan alága. Gbólóhùn méjì tí ìwé jẹ́rìí sí ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ìbéèrè àti ọjọ́ tí ẹ ń retí ìdáhùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, tí ẹ ti fi ẹnu bi wọ́n nígbà yẹn, ẹ ò jẹ Bàbá ní gbèsè ìpè mìíràn. Ẹ kọ̀wé sí alága tààrà.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó kò ní gbọ́ lẹ́nu yín. Alága ló máa pinnu bóyá ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, lẹ́yìn tí àwọn ayẹ̀wéwò bá ti yẹ ìwé wò.