Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo ni mo ṣe máa kí ìyá ọmọ tuntun?

ÌBÉÈRÈ: Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìlú Bìní lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá mi obìnrin níbi iṣẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ ọmọ Bìní, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà. Mo fẹ́ lọ kí wọn nílé ní Ugbowo lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ọmọ yóò pé ọjọ́ márùn-ún. Ìyá wọn àti ìyá ọkọ wọn wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ sọ ohun tí kò yẹ. Wọ́n ní “Ẹ kú ewu ọmọ” ni kí n sọ, àmọ́ ṣé ó dáa kéèyàn máa dárúkọ ewu níbi tí ọmọ tuntun wà? Kí ni mo tún lè bá wọn sọ, kí ni mo sì lè mú lọ́wọ́? — T., Ìlú Bìní.

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, T. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ yín yẹn ló yẹ jù. Ìyá là ń kí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Obìnrin tó rọbí ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a dé, ó sì ti padà. Bí a bá kí ẹni tó rìnrìn àjò, a ó ní ó kú ìrìn. Ẹni tó la ewu kọjá, a ó ní ó kú ewu. Ewu tó ti kọjá lọ là ń sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń fi kún un pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹyẹ náà fò gba orí iná kọjá, kò jóná. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gba ẹ̀bí rẹ̀ gan-an ni kíkí yìí tọ́ sí jù.

Bí ẹ bá wọlé, àwọn ìyá méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí. Ẹ ní, “Ẹ kú oríire o, mà. Ẹ ó jèrè ọmọ.” Ìyá ọkọ lè fi èdè Bìní gbàdúrà fún yín. Bí ó bá ń gbàdúrà, “Isẹ” ni wọ́n ń dáhùn, bí àwa ṣe ń ṣe “Àmín”. Ẹ máa dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i bí inú rẹ̀ yóò ṣe dùn tó. Lẹ́yìn náà, ẹ yíjú sí ọ̀gá yín: “Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ẹ kú ọwọ́ lómi.” Ọwọ́ lómi ni kíkí abiyamọ tó ń fọ ìdí ọmọ, tó ń fọ aṣọ ọmọ látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n á dáhùn pé ó máa kàn yín láìpẹ́. Ẹ ṣe “Àmín”, ẹ má bẹ̀rẹ̀ àlàyé kankan.

Ẹ̀yìn kíkí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Mo wà níbi tí abiyamọ kan jókòó sí lọ́jọ́ kan, tí àlejò wọlé, tó gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ bá ọmọ. Ó ṣí aṣọ lójú ọmọ, ó ní, “Ọmọ yìí mà kéré o! Ta ló tiẹ̀ jọ?” Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Àmọ́ ìyá ọmọ, tó ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, kọjú sí ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí àlejò náà fi lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń fọn díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ tó wọn kílò 3 nígbà tí wọ́n bí i lè dín ní gíráàmù 200 sí 300 láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò sì gbà á padà kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọlọ́jọ́ márùn-ún tí ẹ fẹ́ lọ wò yìí lè wà nínú àkókò yẹn gan-an. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ó rù, ẹ má sì sọ pé ó wúwo. Ẹ ní, “Ìkókó, ẹ káàbọ̀ o, Ọlọ́run á dá yín sí,” ó tó. Ẹ má bèèrè orúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni àwa Yorùbá sábà ń sọmọ lórúkọ, àwọn ará Bìní ń sọ tiwọn lọ́jọ́ keje. Orúkọ ò tíì jáde.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọyàn. Ìbéèrè bíi “Ṣé ọyàn ń wá?” máa ń dun ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, nítorí ọyàn rẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ kó tó dà. Ohun tó ń kọ́kọ́ wá ni ògidì ọyàn (omi ọyàn díẹ̀ tó ki, tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú), ó sì tó ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín: “Kí ló dé tí ẹ ò bí i fúnra yín?” Wọ́n bí i fúnra wọn. Ojú ọgbẹ́ wà níkùn wọn tó ń jẹ́rìí sí i.

Kí lẹ wá lè bèèrè? Ẹ bèèrè nípa ìyá: “Ṣé ẹ rí oorun sùn díẹ̀?” “Kí lẹ fẹ́ jẹ, mà?” Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa lọ́fíìsì, kí wọ́n má ronú. Ẹ má pa àwàdà tó lágbára. Bí ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bá rẹ́rìn-ín tàbí tó wúkọ́, ẹ ó rí i tó máa fi ọwọ́ tàbí ìrọ̀rí di ikùn mú, nítorí ojú abẹ náà ń fà á.

Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ bí ẹ bá ti dé, kódà bí ẹ ò bá ní gbé ọmọ. Ẹ má fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí wọn, kí ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa mú dání, bí ó bá jẹ́ aṣọ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti kó káńfọ̀ sí (bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tí a ń fi lé kòkòrò nínú àpótí aṣọ). Èròjà kan wà tí kì í tó nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan. Àjogúnbá ni, ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pàápàá lára ọmọkùnrin, a kì í sì í mọ̀ ọ́n lójú. Òórùn káńfọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa wó, kí ibà pọ́njú sì dé (ojú àti ara ọmọ á pọ́n bí èso ìyeyè). Tó bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Aṣọ tuntun láti ṣọ́ọ̀bù ló dáa, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a kí ọmọ tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé ojú ọmọ pọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má pariwo níwájú ìyá rẹ̀. Ẹ pe ìyá àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀rọ iná tí wọ́n máa ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ń wò ó sàn tí wọ́n bá tètè dé.

Ogún ìṣẹ́jú ti tó. Ẹ dìde kó tó di pé oorun ń kun ọ̀gá yín. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní mo ní wọ́n kú ewu ọmọ.