Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Iye Tí Ọjà Jẹ́ Kí Wọ́n Tó Dín Owó Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ẹ̀dínwó ajílẹ̀ àti ìṣirò tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó sanwó.

Ká ní ẹni tó ń ta ohun èlò ọ̀gbìn fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín pé: "Ẹ̀dínwó 20%! Àpò yúríà kan ti di ₦36,000. Ọjọ́ Sátidé ló máa parí." Kò sọ iye tó ń tà á tẹ́lẹ̀. Ẹ gbin àgbàdo, àpò márùn-ún ni oko yín nílò, ṣùgbọ́n owó àpò méjì péré ló wà lọ́wọ́. Àpò mẹ́ta tó kù, ó di ìgbà tí ẹ̀dínwó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èló ni kí ẹ máa tọ́jú dè é? Ẹ kò lè mọ̀ àfi tí ẹ bá mọ iye tí àpò kan jẹ́ kí wọ́n tó dín in. (Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye owó inú ẹ̀kọ́ yìí o. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kéèyàn mú 20% nínú ₦36,000, ìyẹn ₦7,200, kó sì fi kún un. Ó máa jẹ́ ₦43,200. Iye yẹn kò tọ̀nà, nítorí pé kì í ṣe ara ₦36,000 ni olùtajà ti yọ 20%. Ara iye àkọ́kọ́ ló ti yọ ọ́, iye náà sì pọ̀ ju ₦36,000 lọ.

Ẹ fojú inú wo iṣu tí a gé sí ọ̀nà márùn-ún tó dọ́gba. A mú ẹyọ kan kúrò, ó ku mẹ́rin. Ẹyọ tí a mú yẹn jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún iṣu, ìyẹn 20%. Kí iṣu náà tó lè pé padà, odindi ẹyọ kan la máa dá padà. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wé mẹ́rin tó kù, ẹyọ kan yẹn ti di ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 25%. Ìdí nìyẹn tí fífi 20% kún iye tó ṣẹ́kù kò fi lè gbé wa dé iye àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta

Ẹ kà á sí pé iye àkọ́kọ́ jẹ́ ìpín 100 tó dọ́gba.

1. Ẹ yọ ẹ̀dínwó kúrò nínú 100. 100 − 20 = 80. Ó túmọ̀ sí pé ₦36,000 jẹ́ owó ìpín 80.
2. Ẹ fi 80 pín ₦36,000 kí ẹ lè mọ owó ìpín kan. 36,000 ÷ 80 = 450. Ìpín kan jẹ́ ₦450.
3. Ẹ sọ owó ìpín kan yẹn di ìlọ́po 100. 450 × 100 = 45,000.

Iye tí wọ́n ń ta àpò yúríà náà tẹ́lẹ̀ ni ₦45,000. Lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
36000 ÷ 80 × 100 =
```

Ẹ má tẹ `36000 + 20%` o. Ọ̀pọ̀ fóònù máa gbé ₦43,200 jáde, nítorí pé 20% ti ₦36,000 ló máa fi kún un. Àṣìṣe tí a sọ lókè náà ni.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ yọ ẹ̀dínwó kúrò nínú iye tí ẹ rí. 20% ti ₦45,000 jẹ́ ₦9,000. Tí ẹ bá yọ ọ́, ó ku ₦36,000, ó bá iye olùtajà mu. Ẹ wá dán ₦43,200 náà wò: 20% rẹ̀ jẹ́ ₦8,640, ó máa ku ₦34,560. Kò bá a mu.

Ẹ padà sórí àpò mẹ́ta tí ẹ fẹ́ rà lẹ́yìn ẹ̀dínwó. Bí olùtajà bá dá iye àkọ́kọ́ padà, ₦135,000 ni ẹ máa nílò. Ẹni tó fi ₦43,200 ṣírò á tọ́jú ₦129,600, owó rẹ̀ á sì fi ₦5,400 dín. Àkókò tí àgbàdo ń retí ajílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn gbígbìn, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó kún owó.

Bí ẹ̀dínwó bá ṣe pọ̀ tó ni àṣìṣe yìí ṣe ń tóbi tó. Nínú ètò ajílẹ̀ orí fóònù tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí àgbẹ̀ san. Ẹni tó bá san ₦20,000 nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ₦40,000 ni iye àkọ́kọ́. Tí ó bá kàn fi 50% kún un, ₦30,000 ló máa rí.

Ṣé ẹ̀dínwó náà jẹ́ òótọ́?

Ní báyìí tí ẹ ti mọ̀ pé ₦45,000 ló yẹ kí iye àkọ́kọ́ jẹ́, ẹ wo rìsíìtì yín àtijọ́, tàbí kí ẹ bi àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ yín léèrè. Bí ẹni náà bá ra irú àpò kan náà ní ₦40,000 lọ́wọ́ olùtajà kan náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jẹ́ pé wọ́n ti gbé owó lé e kí wọ́n tó dín in. ₦4,000 nínú ₦40,000 lẹ rí jẹ, 10% nìyẹn, kì í ṣe 20%. Àmọ́ ẹ rí i pé ìwọ̀n àpò méjèèjì dọ́gba. Ẹ má fi àpò kílò 25 wé ti kílò 50.

Ohun méjì tí ẹ máa kíyè sí

Àkọ́kọ́, owó ọkọ̀. Bí rìsíìtì bá jẹ́ ₦38,500, tí ₦2,500 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó gbígbé ọjà wálé, ẹ kọ́kọ́ yọ ₦2,500 náà. Ẹ̀dínwó kò kan owó ọkọ̀.

Èkejì, ẹ̀dínwó lórí ẹ̀dínwó. Bí wọ́n bá dín 20%, tí wọ́n tún wá dín 10% nínú èyí tó kù, kì í ṣe 30%. Nínú ìpín 100, ó kọ́kọ́ ku 80. 10% ti 80 jẹ́ 8, nítorí náà ó ku 72. Bí ẹ bá san ₦36,000 lọ́nà yìí, 36,000 ÷ 72 × 100 jẹ́ ₦50,000.

Ẹ dán an wò

Wọ́n dín 15% nínú owó oògùn apakoríko lítà kan, ó wá di ₦5,100. Èló ni wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: 100 − 15 = 85. 5,100 ÷ 85 = 60. 60 × 100 = ₦6,000.